Nínú páàsì kúẹ́ṣọ̀n àkáǹtì, èwo ló ṣe pàtàkì jù?

*Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò yín ti Gwagwalada ni. Ìdánwò ACC 102 wa ti ń sún mọ́lé. Mo ra páàsì kúẹ́ṣọ̀n ọdún mẹ́jọ lọ́wọ́ àwọn onífótòkọ́pì, mi ò sì lè ṣe gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti yege nínú kọ́ọ̀sì yìí, ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú àwọn ìbéèrè náà ló ṣe pàtàkì jù? Èwo ni kí n fi sílẹ̀? Bálánsì ṣíìtì mi kì í sì í bára mu, mi ò mọ ibi tí mo ti ń ṣì í.*

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ ìwé. Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ gbá mú kí o tó ṣí ìyókù: èyí tí wọ́n ti máa ń kó tíráyà bálánsì oníṣòwò kan sílẹ̀, tí wọ́n á to àlàyé bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n á sì ní kí o ṣe àkáǹtì èrè àti àdánù pẹ̀lú bálánsì ṣíìtì fún ọdún náà. Òun ló ṣe pàtàkì jù. Kì í ṣe torí pé máàkì rẹ̀ sábà máa ń pọ̀ nìkan ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn àlàyé ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni olùkọ́ máa ń já lọ́kọ̀ọ̀kan láti fi ṣe àwọn ìbéèrè kéékèèké: ọ̀kan lórí owó ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n san sílẹ̀, ọ̀kan lórí dípíríṣíéṣọ̀n, ọ̀kan lórí gbèsè tí kò ní í wọlé mọ́. Ẹni tó bá mọ ìbéèrè ńlá yìí dé gbòǹgbò ti mọ àwọn wọ̀nyẹn mọ́ ọn.

Kí o lè fi ojú ara rẹ rí i, má to àwọn ìwé tí o rà ní ọdún tẹ̀ lé ọdún. Títò wọ́n bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí wọ́n dà bí ohun tó pọ̀ ju agbára ẹni lọ. Mú abala ìwé kan, kọ orúkọ kókó ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sí apá òsì, kí o wá máa kọ ọdún tó ti jáde àti máàkì rẹ̀ síwájú rẹ̀. Sàmì sí èyí tí wọ́n ní dandan ni kí gbogbo ènìyàn dáhùn. Sàmì mìíràn sí ọdún tí olùkọ́ tó ń kọ́ yín báyìí gba kọ́ọ̀sì náà, nítorí pé ìbéèrè tirẹ̀ wúwo ju ti ẹni tó ti kúrò nídìí iṣẹ́ lọ. Tí o bá ṣe èyí, wàá rí i pé oníṣòwò inú ìbéèrè ń yí padà, iye owó ń yí padà, ṣùgbọ́n àlàyé ìsàlẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí ju ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì lọ. Lọ́dún yìí wọ́n ní owó iná kò tíì san tán. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n ní ó ti san án kọjá ìparí ọdún. Lọ́dún yìí dípíríṣíéṣọ̀n wà lórí iye tí wọ́n ra ọkọ̀. Lọ́dún kejì ó di orí iye tó ṣẹ́kù lára ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni ìdánwò. Òun ni kí o máa fi lẹ́ẹ̀dì pupa fà nídìí nígbà tí o bá ń kà á, kì í ṣe iye owó.

Jẹ́ ká wá ṣe ọ̀kan pọ̀ láti òkè délẹ̀. Mú oníṣòwò aṣọ kan ní ọjà Wuse, tí ọdún ìṣirò rẹ̀ parí ní 31 Oṣù Kejìlá. Èmi ni mo ṣètò iye wọ̀nyí kí ìṣirò lè rọrùn, ṣùgbọ́n bí ìbéèrè náà ṣe máa ń rí nìyí.

| Ohun tó wà nínú ìwé | Dẹ́bíìtì ₦ | Kírẹ́díìtì ₦ |
|---|---|---|
| Ọjà tó wà nílẹ̀ ní 1 Oṣù Kìíní | 800,000 | |
| Ọjà tí ó rà | 6,100,000 | |
| Ọjà tí ó tà | | 9,600,000 |
| Owó ṣọ́ọ̀bù | 900,000 | |
| Owó iṣẹ́ àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù | 640,000 | |
| Iná, ọkọ̀ àti ìnáwó mìíràn | 260,000 | |
| Ohun èlò ṣọ́ọ̀bù, iye tí ó rà á | 1,200,000 | |
| Dípíríṣíéṣọ̀n tó ti kó jọ | | 240,000 |
| Àwọn tó jẹ ẹ́ lówó | 700,000 | |
| Àyàsọ́tọ̀ fún gbèsè tó lè má wọlé | | 20,000 |
| Àwọn tí ó jẹ lówó | | 450,000 |
| Owó lọ́wọ́ àti ní báńkì | 310,000 | |
| Owó tí ó mú jẹ | 400,000 | |
| Owó òwò rẹ̀ | | 1,000,000 |
| Àpapọ̀ | 11,310,000 | 11,310,000 |

Àlàyé ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ márùn-ún. Ọjà tó kù ní ìparí ọdún jẹ́ ₦950,000. Owó ṣọ́ọ̀bù tí ó san bo oṣù 15, láti 1 Oṣù Kìíní ọdún yìí títí di 31 Oṣù Kẹta ọdún tó ń bọ̀. Owó iṣẹ́ Oṣù Kejìlá ku ₦60,000 tí kò tíì san. Kí a ṣe dípíríṣíéṣọ̀n ohun èlò ní 20% lórí iye tó ṣẹ́kù. Oníbàárà kan tó jẹ ẹ́ ní ₦50,000 ti sá lọ. Kí a pa gbèsè náà rẹ́, kí a sì jẹ́ kí àyàsọ́tọ̀ jẹ́ 5% gbèsè tó kù níta.

Kí o tó fọwọ́ kan kálíkúlétọ̀, mọ ohun kan yìí, torí òun ni mo gbà pé ó ń da bálánsì ṣíìtì rẹ rú. Gbogbo ohun tó wà nínú tíráyà bálánsì ti wọlé lápá méjì láti inú ìwé. Nítorí náà ibì kan ṣoṣo ni o máa gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí: bóyá inú àkáǹtì èrè àti àdánù, bóyá inú bálánsì ṣíìtì. Àlàyé ìsàlẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìta tíráyà bálánsì ló wà, kò tíì wọlé rárá, nítorí náà ó ní láti wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ohunkóhun tó bá wà lókè ìlà, ẹ̀ẹ̀kan. Ohunkóhun tó bá wà nísàlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì. Tí mo bá ń ṣe é, ègbé àlàyé kọ̀ọ̀kan ni mo ti máa ń fi lẹ́ẹ̀dì sàmì méjì kéékèèké, màá fa ọ̀kan nígbà tí mo bá fi sí èrè àti àdánù, màá sì fa èkejì nígbà tí mo bá fi sí bálánsì ṣíìtì. Àlàyé tó bá ní àmì kan ṣoṣo nígbà tí mo bá parí, ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Ọjà tó kù, ₦950,000, a ó yọ ọ́ kúrò nínú ọjà tó wà nílẹ̀ àti èyí tí ó rà, nítorí pé kò tíì tà á. 800,000 pẹ̀lú 6,100,000, yọ 950,000 kúrò, ó ku ₦5,950,000: iye tí ọjà tí ó tà ná an nìyẹn. Yọ ọ́ nínú 9,600,000, èrè àkọ́kọ́ jẹ́ ₦3,650,000. Ọjà kan náà tún padà wá sínú bálánsì ṣíìtì gẹ́gẹ́ bí ohun ìní. Àmì méjì ti pé.

Owó ṣọ́ọ̀bù ni àwọn tó ń kánjú ti máa ń ṣubú. ₦900,000 bo oṣù 15, ìyẹn ₦60,000 lóṣù. Oṣù 12 péré ló jẹ́ ti ọdún yìí, nítorí náà ₦720,000 ló lọ sí ìnáwó. ₦180,000 tó kù jẹ́ ti oṣù mẹ́ta ọdún tó ń bọ̀. Onílé ṣì jẹ ẹ́ ní oṣù mẹ́ta láti gbé, nítorí náà ohun ìní ni. Owó iṣẹ́ wá jẹ́ òdìkejì rẹ̀. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù ti ṣiṣẹ́, owó ni kò tíì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ìnáwó ọdún yìí jẹ́ 640,000 pẹ̀lú 60,000, ₦700,000, ₦60,000 náà sì wọ bálánsì ṣíìtì gẹ́gẹ́ bí gbèsè. Tí ó bá rú ọ lójú èwo ni ohun ìní, èwo ni gbèsè, béèrè pé: ní 31 Oṣù Kejìlá, ta ni ó jẹ ẹnì kejì? Ìdáhùn á jáde lójú ẹsẹ̀.

Ní ti dípíríṣíéṣọ̀n, ọ̀rọ̀ tí o máa fà nídìí ni «iye tó ṣẹ́kù». Ohun èlò tí ó ra ní ₦1,200,000 ti pàdánù ₦240,000, ó ku ₦960,000. 20% rẹ̀ jẹ́ ₦192,000. Òun ló lọ sí ìnáwó. Nínú bálánsì ṣíìtì, èyí tó ti kó jọ di 240,000 pẹ̀lú 192,000, ₦432,000, ohun èlò náà sì ku ₦768,000. Ká ní orí iye tí ó rà á ni wọ́n ní ká ṣírò rẹ̀, ₦240,000 ni ì bá jẹ́, yóò sì máa jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún títí yóò fi tán.

Gbèsè ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí ju gbogbo rẹ̀ lọ, torí pé nǹkan mẹ́ta ló wà nínú gbólóhùn kan ṣoṣo, wọ́n sì ní bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ tẹ̀ léra. Àkọ́kọ́, pa ti ẹni tó sá lọ rẹ́: ₦50,000 di ìnáwó, àwọn tó jẹ ẹ́ lówó sì ku ₦650,000. Lẹ́yìn náà ni wàá wá mú 5%, lórí 650,000, kì í ṣe lórí 700,000, nítorí pé èèyàn kì í ṣiyèméjì sí gbèsè tó ti gbà pé ó ti kú. Ó jẹ́ ₦32,500. Ẹ̀kẹta ni èyí tó ń pa ọ̀pọ̀ lára: ₦20,000 ti wà nílẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Èrè ọdún tó kọjá ti ru ìyẹn. Ìyàtọ̀ nìkan, ₦12,500, ló lọ sí ìnáwó ọdún yìí. Ṣùgbọ́n nínú bálánsì ṣíìtì, gbogbo ₦32,500 ni wàá yọ lára 650,000, tí yóò fi ku ₦617,500. Tí olùkọ́ bá sì fẹ́ yí i, yóò jẹ́ kí àyàsọ́tọ̀ àtijọ́ ju tuntun lọ. Ká ní ₦40,000 ló wà tẹ́lẹ̀, a jẹ́ pé ₦7,500 ló dín kù, èrè sì ni ìyẹn, a kì í kọ ọ́ sí ìnáwó.

Kó ìnáwó jọ wàyí: owó ṣọ́ọ̀bù 720,000, owó iṣẹ́ 700,000, iná àti ọkọ̀ 260,000, dípíríṣíéṣọ̀n 192,000, gbèsè tó kú 50,000, àfikún àyàsọ́tọ̀ 12,500. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦1,934,500. Yọ ọ́ nínú 3,650,000, èrè ọdún náà jẹ́ ₦1,715,500.

Nínú bálánsì ṣíìtì, ohun èlò 768,000, ọjà 950,000, àwọn tó jẹ ẹ́ lówó 617,500, owó ṣọ́ọ̀bù tí ó san sílẹ̀ 180,000, owó lọ́wọ́ àti ní báńkì 310,000: gbogbo rẹ̀ ₦2,825,500. Gbèsè tirẹ̀ jẹ́ 450,000 pẹ̀lú 60,000, ₦510,000. Yọ ọ́, ó ku ₦2,315,500. Ní òdìkejì, owó òwò 1,000,000, fi èrè 1,715,500 kún un, yọ 400,000 tí ó mú jẹ, ó jẹ́ ₦2,315,500. Ó bára mu.

Ìwọ sọ pé tìrẹ kì í bára mu. Má pa á rẹ́ kí o tún bẹ̀rẹ̀. Kọ iye ìyàtọ̀ náà sílẹ̀, torí pé òun fúnra rẹ̀ ló máa sọ ibi tí àṣìṣe wà fún ọ. Bó bá jẹ́ iye kan tó wà nínú àlàyé ìsàlẹ̀ gan-an, ẹ̀ẹ̀kan lo gbé e. Fún àpẹẹrẹ, ìyàtọ̀ ₦180,000 nínú iṣẹ́ yìí túmọ̀ sí pé o dín owó ṣọ́ọ̀bù kù nínú ìnáwó, o sì gbàgbé láti kọ ọ́ sí ohun ìní. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ ₦360,000, pín in sí méjì. O ti rí 180,000 lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí o kọ ọ́ sáàárín gbèsè dípò ohun ìní. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ ₦20,000 géérégé, wo àyàsọ́tọ̀: o ti kó gbogbo 32,500 sí ìnáwó, o sì gbàgbé pé 20,000 ti wà nílẹ̀. Bí ìyàtọ̀ bá sì ṣeé pín sí mẹ́sàn-án láìṣẹ́kù, fura pé o yí nọ́ńbà méjì sódì níbi tí o ti ń dà wọ́n kọ. Ẹni tó bá kọ èrè náà ní 1,751,500 dípò 1,715,500 máa rí ìyàtọ̀ 36,000, mẹ́sàn-án lọ́nà 4,000. Èyí kì í ṣe ẹ̀rí tó dájú, torí nọ́ńbà mìíràn náà ṣeé pín sí mẹ́sàn-án: 180,000 àti 360,000 gan-an ṣeé pín bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, iye inú àlàyé ni kí o kọ́kọ́ wò, kí o tó wá wo mẹ́sàn-án.

Ọ̀rọ̀ yìí ní òdìkejì tó léwu jù ú lọ: bálánsì ṣíìtì lè bára mu kí ìdáhùn má sì tọ̀nà. Ká ní o ṣe dípíríṣíéṣọ̀n lórí iye tí ó rà á, o kọ ₦240,000 sí ìnáwó, o sì yọ ₦240,000 náà lára ohun èlò. Èrè rẹ á jẹ́ ₦1,667,500, apá méjèèjì á sì jẹ́ ₦2,267,500. Ó bára mu rẹ́gí, kò sì tọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó mú 5% lórí 700,000 tó rí 35,000, tó sì lò ó káàkiri. Bíbáramu ń sọ pé o gbé nǹkan lẹ́ẹ̀mejì bó ṣe yẹ. Kò sọ pé iye tí o gbé ló yẹ kí o gbé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o fa ọ̀rọ̀ tó wà nínú àlàyé nídìí kí o tó bẹ̀rẹ̀.

Ó sì kan àwọn ìdáhùn tí wọ́n ń tà pọ̀ mọ́ páàsì kúẹ́ṣọ̀n lẹ́nu géètì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹnì kan kàn dà kọ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kí o tó gbára lé ọ̀kan, ibi gbèsè ni kí o kọ́kọ́ ṣí. Bó bá ti kó àyàsọ́tọ̀ tuntun lódindi sí ìnáwó nígbà tí àtijọ́ wà nínú tíráyà bálánsì, tàbí tó mú ìdá rẹ̀ ṣáájú kó tó pa gbèsè tó kú rẹ́, pa ìwé náà dé, kí o ṣe tìrẹ.

Lẹ́yìn tí o bá ti lè ṣe irú èyí láìwo ìdáhùn, mú àwọn ìyípadà tó máa ń jáde. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ọjà. Ká ní nínú ọjà ₦950,000 náà, aṣọ kan wà tí ó rà ní ₦90,000 tí òjò pa. Ó lè tà á ní ₦70,000, ṣùgbọ́n yóò kọ́kọ́ ná ₦10,000 láti fọ̀ ọ́ kí ó sì lọ̀ ọ́. Ìlànà IAS 2 sọ pé èyí tó bá kéré nínú iye tí a rà á àti iye tí yóò kù sí wa lọ́wọ́ tí a bá tà á ni kí a lò. 70,000 yọ 10,000 jẹ́ 60,000. Nítorí náà ọjà dín ní ₦30,000, ó di ₦920,000, èrè náà á dín ní ₦30,000. Ìyípadà kejì ni ti oníṣòwò tó mú aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù lọ sílé fún ayẹyẹ. Yọ iye tí ó rà á kúrò nínú ọjà tí ó rà, fi kún owó tí ó mú jẹ. Lẹ́ẹ̀mejì náà ni.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ní pàtàkì ni ti àtúnṣe àṣìṣe àti àkáǹtì sọ́spẹ́ǹsì. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kan náà la ṣì ń sọ: irú àṣìṣe mẹ́fà tí tíráyà bálánsì kì í fi hàn máa ń jáde níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè àlàyé, ẹni tó bá sì ti lóye ìdí tí ₦1,667,500 òkè yẹn fi bára mu kò ní í há wọn sórí lásán. Ohun tí o gbọ́dọ̀ máa bi ara rẹ níbẹ̀ ni bóyá àṣìṣe náà kan apá kan tàbí apá méjì. Èyí tó kan apá kan nìkan ló ń wọ sọ́spẹ́ǹsì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìbámu ìwé owó pẹ̀lú ìwé báńkì, èyí tí ọ̀nà rẹ̀ kò pọ̀ tí o sì lè kọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ibi tí mo fẹ́ kí o ti ṣọ́ra níbẹ̀ ni ìgbà tí oníṣòwò bá jẹ báńkì lówó, torí fífikún àti yíyọkúrò á yí padà.

Nípa èyí tí o lè fi sílẹ̀: àwọn ìbéèrè ìtàn àkáǹtì àti ti ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, kà wọ́n lẹ́ẹ̀kan lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìdánwò, ó ti tó. Àwọn ìbéèrè tó ní kí o fi ọ̀nà LIFO díye lé ọjà tó kù, ìyẹn ọ̀nà tó gbà pé èyí tí a rà kẹ́yìn la kọ́kọ́ tà, kò sí àyè fún wọn mọ́ nínú àkáǹtì tí a ń ṣe fún ará ìta, nítorí IAS 2 kò gbà á láàyè. Àfi bí olùkọ́ yín bá dárúkọ rẹ̀ nínú ètò ẹ̀kọ́ ọdún yìí, má fi ọjọ́ kan ṣòfò lórí rẹ̀. Ó sì ṣeé ṣe kí àwọn ìwé tó gbó jù nínú èyí tí o rà máa lo orúkọ àtijọ́. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìlànà IFRS láti 2012, bálánsì ṣíìtì sì ti di «statement of financial position» lórí ìwé ìdánwò. Iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ kò yí padà. Lo orúkọ tuntun nínú ìdáhùn rẹ, kódà bí ìbéèrè tí o ń fi dánra wò bá lo ti àtijọ́.

Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, kọ ìṣirò àlàyé kọ̀ọ̀kan sí ìsàlẹ̀ iṣẹ́ rẹ, fi W1, W2, W3 sàmì sí wọn, kí o sì kọ àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tó ti inú rẹ̀ jáde. Olùkọ́ tó bá rí i pé o mọ̀ pé oṣù 12 nínú 15 ni lè fún ọ ní máàkì bí o tiẹ̀ ṣi ìsọdipúpọ̀ ṣe. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà tí kò tọ̀nà nìkan ló rí, kò ní ohun tí yóò gbé máàkì lé. Tí àkókò bá sì fẹ́ tán tí apá méjèèjì kò bára mu, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí o lọ sí ìbéèrè tó kàn. Má wá iye kan dí àlàfo náà. Ẹni tó ń máàkì máa rí i.

Yan ìbéèrè ńlá tó jáde kẹ́yìn nínú èyí tí olùkọ́ yín lọ́wọ́lọ́wọ́ kọ, ṣe é láìwo ibì kankan, kí o ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Bí kò bá bára mu, kọ iye ìyàtọ̀ náà sókè ìwé, kí o sì sọ àlàyé tí o fura sí fún mi kí èmi tó wò ó.